Ohun Tí Mo Gé Kúrò Nínú Ìwé Àṣàrò

Kò tíì pé oṣù méjì tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó bójú tó iṣẹ́ mi fi pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Òyìnbó ni wọ́n, àmọ́ ẹnu mi ò gbà á kí n pe àgbàlagbà ní “ó”.

Wọ́n ní, “Ìwé rẹ dára gan-an, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta péré ló kà á: èmi, àti àwọn méjì tó dán ọ wò. Gé e kúrú, kí o fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Tí o ò bá ní nǹkan nínú jọ́nà, kò sí yunifásítì tó máa pè ọ́ wá fún iṣẹ́ olùkọ́.”

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé mi tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Jọ́nà tí a yàn, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn jáde nínú rẹ̀, kò fẹ́ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ, wọ́n sì ti ka àwọn ìwé tí mo tọ́ka sí mọ́ ọn.

Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe ìwádìí náà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn ayé òde òní, tí iṣẹ́ àti fóònù kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi, máa wá àyè jókòó jẹ́ẹ́ ṣe àṣàrò. Mo tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó jẹ́ pé áàpù orí fóònù ló ń sọ fún wọn ìgbà tí wọ́n máa mí sínú àti ìgbà tí wọ́n máa mí síta. Mo bá àwọn kan jókòó ní kíláàsì àṣàrò nínú gbọ̀ngàn kan ní Kennington, nílùú Òyìnbó tí à ń gbé. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ́dọ̀ àwọn tèmi, àwọn obìnrin Yorùbá Mùsùlùmí ní Peckham àti Walworth, tí wọ́n máa ń jókòó ti tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun, tí wọ́n á pẹ́ níbẹ̀, tí wọn ò sì fún ohun tí wọ́n ń ṣe lórúkọ kankan.

Ọ̀kan nínú wọn ni gbogbo orí kẹrin ìwé mi dá lé. Ọ̀rẹ́ màmá mi ni wọ́n, láti kékeré ni mo ti ń pè wọ́n ní Aunty. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n wẹ̀ fún àwọn arúgbó, kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Àwọn ilé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Aylesbury, ní Walworth, ni wọ́n ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn tí ìjọba ò tíì wó. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Wọ́n á gbé ṣíà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á kó bísíkíìtì síwájú mi, wọ́n á sì rọra máa wo ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wo ọmọ tó sùn.

Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n bóyá àṣàrò yẹn ń fún wọn ní ìbàlẹ̀ ọkàn.

“Ìbàlẹ̀ ọkàn kẹ̀?” ni wọ́n wí. “Àwọn onífóònù tí o sọ yẹn ló ń wá ìyẹn. Tèmi, mo jókòó kí n lè rántí àwọn èèyàn mi ni. Tí mo bá ti dìde báyìí, ó di bọ́ọ̀sì, ó di iṣẹ́, kò sáyè fún òkú, kò sáyè fún ìyá mi. Orí ṣíà yìí nìkan ni mo ti ń rí wọn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú gbogbo iṣẹ́ mi palẹ̀, tó sì tún un tò. Gbogbo ìwé tí mo ti kà ló ń sọ pé ara ẹni ni èèyàn ìlú ńlá ń fi àṣàrò tọ́jú, kó lè padà síbi iṣẹ́. Obìnrin yìí ń sọ pé àwọn ẹlòmíì lòun ń fi tòun tọ́jú.

Nígbà tí Aunty fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé àwọn gbà láti kópa nínú ìwádìí náà, wọ́n fàmì síbi tó ti béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹ̀dà kan. “Tí o bá parí ẹ̀, mú un wá o,” ni wọ́n ní. “Ọmọ mi á kà á fún mi.” Mo parí ìwé náà, mi ò mú un lọ. Mo rò pé ó ti tóbi jù, pé èyí tó máa jáde nínú jọ́nà, tó kúrú, tó sì dùn ún wò, ni n ó mú lọ.

Láìbrérì Peckham ni mo ti ń gé e. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo mú orí kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fún un mọ́ra títí tó fi ku díẹ̀. Ohun tó jáde gbẹ bí àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní, “Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Ohunkóhun tí kò bá ti ìdáhùn yẹn lẹ́yìn, yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó.” Mo bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo yọ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kúrò pátápátá. Ogójì ojú ìwé tí mo fi ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ ṣáájú mi di ìpínrọ̀ mẹ́rin. Bí mo ṣe ṣe ìwádìí di ojú ìwé kan. Aunty nìkan ni mo fún láyè, ojú ìwé mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ní Yorùbá, kí n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo fi ránṣẹ́ ni èsì dé. Àwọn onímọ̀ méjì, tí èmi ò mọ̀, tí àwọn náà ò mọ̀ mí, ló yẹ iṣẹ́ náà wò. Àtúnṣe ńlá ni wọ́n ní kí n ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe yan àwọn olùkópa, ìyẹn àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹnì kejì ní obìnrin kan ṣoṣo ti gba àyè jù, pé ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni kí n fi hàn, àti pé kò sídìí láti máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè méjì.

Mo gbé e tọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Mo ní, “Obìnrin yẹn ni ìdáhùn ọ̀hún.”

“Nígbà náà, sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kì í ṣe Ọlọ́run. Kọ ìdí rẹ sínú lẹ́tà èsì, kí ẹ́dítọ̀ jọ́nà ṣèdájọ́. Àmọ́ ó lè pẹ́ o.”

Mi ò kọ ọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ kan wà tí wọ́n máa tó pa ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ dé, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ya tábìlì sínú lẹ́tà èsì náà, ọ̀rọ̀ wọn lápá òsì, tèmi lápá ọ̀tún. Níwájú ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ni mo kọ sí pé mo dúpẹ́ fún àkíyèsí pàtàkì yìí, mo ti ṣe é. Ojú ìwé mẹ́ta di gbólóhùn kan: Olùkópa Keje, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, sọ pé àṣàrò ń ran òun lọ́wọ́ láti rántí ẹbí òun. Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Wọ́n gbà á.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, màmá mi pè mí láti mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.

“Ṣé o ti gbọ́? Aunty rẹ ti lọ o.”

“Wọ́n lọ síbo?” Nàìjíríà ni mo rò.

Ìgbà tí mo gbọ́ ẹkún lẹ́nu màmá mi ni mo tó mọ̀ pé ikú ni. Ibùdókọ̀ ni wọ́n ti ṣubú, ní Walworth Road, níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tó máa gbé wọn lọ síṣẹ́.

Nígbà tí a lọ kí àwọn ẹbí Aunty nílé, ọmọ wọn obìnrin, tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ń fọ abọ́ ní kíṣìnì. Ó fi Yorùbá díẹ̀ tó mọ̀, tó dún bíi Gẹ̀ẹ́sì, kí mi, ó sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà, Aunty ló ń pè mí.

“Aunty, Mọ́mì sọ pé ẹ ń kọ nǹkan nípa àwọn. Ṣé ó ti jáde?”

“Ó máa tó jáde.”

“Ṣé ẹ ṣì ní fóísì wọn tí ẹ gbà sílẹ̀? Méjì péré ló wà lórí fóònù mi. Méjèèjì, kí n ra mílíìkì bọ̀ ni wọ́n ń sọ.”

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ti ṣèlérí nínú fọ́ọ̀mù pé n ó pa gbogbo ohùn rẹ́ tí wọ́n bá ti fún mi ní oyè, mo sì ti pa á rẹ́. Ó ní, “Ókè, no worries,” ó sì yíjú padà sí abọ́ tó ń fọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, jọ́nà fi ojú ìwé tí wọ́n ti tò tán ránṣẹ́, pé kí n yẹ àṣìṣe wò láàárín ọjọ́ méjì. Mo kọ̀wé sí ẹ́dítọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n dá gbólóhùn mẹ́rin lára ọ̀rọ̀ Aunty padà, ní Yorùbá. Ó fèsì tìwà-pẹ̀lẹ́-tìwà-pẹ̀lẹ́ pé àṣìṣe ìtẹ̀wé nìkan ni èèyàn lè tún ṣe nísinsìnyí, pé ọ̀rọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tó yẹ iṣẹ́ wò. Mo ronú pé kí n kọ orúkọ Aunty síbi ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí pé n ó fi orúkọ náà pa mọ́, ikú ò sì tú ìlérí yẹn. Mo lè gba ìwé náà padà lọ́wọ́ jọ́nà. Mi ò gbà á padà. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo fọwọ́ sí i.

Mo tẹ orí kẹrin ìwé ọ̀mọ̀wé mi jáde, mo dì í pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, mo sì mú un lọ fún ọmọ náà pẹ̀lú èyí tó máa jáde nínú jọ́nà. Èyí tó kúrú ló kọ́kọ́ mú. Ó ń ṣí i lọ, ó ń ṣí i bọ̀.

“Níbo ni wọ́n wà?”

Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ó kà á, ó tún un kà.

“Mọ́mì nìyí?”

“Àwọn ni.”

Ó gbé èyí tó gùn, ó kà á fún bíi wákàtí kan. Ìgbà tó dé ibi Yorùbá, ó tì í sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n bá òun kà á. Mo kà á fún un, ti ìyá wọn, ti ṣíà, ti pé kò sáyè fún òkú.

Ó ní, “Wọn kì í sọ Yorùbá sí mi, Aunty. Wọ́n ní kí àwọn tísà má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń rí wọn lórí ṣíà yẹn. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni.”

Ó ní kí n tún un kà, kí n rọra kà á. Ó ń tẹ̀ lé mi, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún un ṣe mọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n yin bí iṣẹ́ mi nínú jọ́nà ṣe ṣe ṣókí. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo fi í sínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kà, bí gbogbo àwa olùkọ́ ti máa ń ṣe. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó béèrè bóyá Olùkópa Keje ṣì ń ṣe àṣàrò.

Mo ní wọ́n ti kú.

Ó ní, “Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Ẹlòmíì sì béèrè nípa ìdánwò.