Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Ìwé Alhaja

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé ọjà Okaishie l'Ékòó lọ́jọ́ náà. Alhaja kan tó ń ta ẹ̀rọ amúnáwá níbẹ̀ ló ní kí n túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ náà sí Yorùbá. Mo ti parí iṣẹ́ náà, mo sì ti kó o fún un. Àfi bó ṣe pè mí láàárọ̀ pé kí n máa bọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì dùn rárá.

Ó ju ìwé náà sórí kántà. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ FUEL, CHOKE, ON, OFF, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi sílẹ̀ pátá, ó sì ti kọ Yorùbá tirẹ̀ sórí wọn.

"Tísà, ṣé Yorùbá nìyí? Ìyá mi ni mo torí ẹ̀ ṣe é. Yorùbá nìkan ni wọ́n lè kà. Gbogbo ayé ló ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì yàn wọ́n jẹ, ẹ̀yin náà tún gbé e wá! Èyí tí mo tún ṣe yìí ni màá gbé fún atẹ̀wé lọ́la."

Ẹ gbà mí o. "Alhaja, ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ gan-an nìyẹn. Mo ti fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn lójú ewé kìíní."

Ó ní àwáwí ọ̀lẹ ni. Ó dùn mí wọra. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ro èyí tí n ó túmọ̀ àtèyí tí n ó fi sílẹ̀, ó ní ọ̀lẹ!

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ká jẹ́ kí Màmá fúnra wọn dán an wò. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù gbé ẹ̀rọ kan síta, wọ́n bu epo sí i. Alhaja fún Màmá ní ewé tó ti tún ṣe.

Màmá kà á ketekete: "Fa ìdínà afẹ́fẹ́." Ohun tí Alhaja pe CHOKE nìyẹn. Wọ́n yí ẹ̀rọ po lẹ́ẹ̀mejì. "Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Alhaja nawọ́ sí CHOKE lára ẹ̀rọ.

"Tí o ò bá sí nílé ńkọ́?" ni Màmá bi í.

Mo fún wọn ní ẹ̀dà tèmi tí mo mú dání, èyí tí bírò pupa ò kàn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò mọ C, kò sí nínú ABD tí wọ́n kọ́, àmọ́ wọ́n rí bó ṣe tẹ̀ lójú ìwé, wọ́n sì rí i lára ẹ̀rọ. Wọ́n yí FUEL sí ON, wọ́n tan súìṣì, wọ́n fa CHOKE, wọ́n wá fa okùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ bú ramúramù! Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n wá OFF, wọ́n pa á.

"N ò kúkú pe ẹnikẹ́ni," ni Màmá wí.

Alhaja ya ewé tirẹ̀. Ó wá kọjú sí mi. "Tísà, kí ló dé tẹ́ ò kọ ìdí tẹ́ ẹ fi fi wọ́n sílẹ̀ fún mi nígbà tẹ́ ẹ kó iṣẹ́ wá?"

Odindi ìwé ni mo fi ṣàlàyé ẹ̀rọ fún ẹni tí n ò mọ̀ rí, n ò sì kọ ìlà kan ṣoṣo fún ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi. Mo jókòó ti Màmá, mo ní kí Alhaja yá mi ní bírò pupa yẹn kí n fi kọ àlàyé náà fún un.