Ilé Alájà Méjì Tó Di Mẹ́ta Lójú Ẹ̀rọ

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé náà. Ọdún mọ́kànlá. Àga kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ọ̀gá á ya ilé, òun á gbé e sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á tún un yà kó lè jọ fọ́tò. Ògiri aláwọ̀ eérú á di bíríkì.

Nọ́ńbà kan ló wà nídìí ẹ̀ tó máa ń yàn, láti òdo dé mẹ́wàá. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ da nǹkan bí iyanrìn bo àwòrán, á wá máa nù ún kúrò, á máa ya ohun tó rò pé ó wà lábẹ́ ẹ̀. Nọ́ńbà kékeré, iyanrìn díẹ̀: ilé ò yẹsẹ̀, àmọ́ ó ṣì jọ ike. Nọ́ńbà ńlá: ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan mọ́, ó ń ya ilé tiẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ń bọ̀ wá wo ilé ìgbẹ̀bí tó fẹ́ kọ́. Látibẹ̀ ni àwòrán ti máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba fún ìyọ̀ǹda. Bí kò bá bá pláànù mu, wọ́n á dá a padà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Kọ̀ǹpútà fi nọ́ńbà sí mẹ́rin. Ọ̀gá yọjú lókè èjìká rẹ̀.

"Kò dán. Gbé e lọ sí mẹ́jọ."

"Ọ̀gá, ní mẹ́jọ, kì í ṣe ilé yín mọ́ o."

"Ṣé ìwọ lo kàwé ilé yíyà ni àbí èmi?"

Ó gbé e lọ sí mẹ́jọ. Àjà kẹta yọ lókè. Ọ̀nà ìgbé-aláìsàn-wọlé di ọgbà òdòdó.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú. "Ẹ wo ọpọlọ! Mi ò mọ̀ pé mo dáa tó báyìí."

Agbẹ̀bí dé. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Ó rẹwà o. Ṣé inú òdòdó yìí la máa gbé aboyún gbà?"

"Màámi, ẹ̀..."

"Ta ló ń gbé àjà kẹta? Ẹyẹ?"

Ọ̀gá wo Ìyá Kọ̀ǹpútà bíi pé obìnrin náà ló gbé àjà náà síbẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà ti gbé pláànù orí bébà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì lé ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà ò bára mu. Ó padà sí mẹ́rin: igun kọ̀ọ̀kan jókòó sórí ìlà rẹ̀. Ó wá bo fèrèsé, òrùlé àti ọ̀nà kí ẹ̀rọ má bàa fọwọ́ kàn wọ́n, ó fi ògiri nìkan sílẹ̀, ó fi mẹ́fà tún un yà. Bíríkì jáde, ó ń dán bí èyí téèyàn lè fọwọ́ kàn.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni agbẹ̀bí wí. "Ilé mi nìyí."

"Mo ti ní kó dín in kù tẹ́lẹ̀," ni ọ̀gá wí.

Ìjọba fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ kejì.

Àwòrán alájà mẹ́ta ńkọ́? Ó wà nínú férémù, lẹ́yìn àga ọ̀gá. Àlejò a máa béèrè ẹni tó yà á. Ọ̀gá a sọ pé òun ni. Ìyá Kọ̀ǹpútà kì í jiyàn. Òun nìkan ló mọ̀ pé ilé tí ẹnikẹ́ni ò yà ni.