Alhaja Hikmat àti Ìwé Kẹrin Ilé Alápó

Àwọn ará Bẹyẹrúnká máa ń pe Alhaja Hikmat ní akọ̀wé Ilé Alápó. Àṣìṣe ni. Bọ́lájí ni akọ̀wé; òun ló ń kọ ohun tí ẹbí bá sọ ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ibi tí iṣẹ́ Bọ́lájí bá parí sí ni ti Alhaja Hikmat ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ohun tí wọ́n ti kọ, òun ló sì mọ ibi tó wà. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹni tó bá sì pa wọ́n pọ̀ kò tíì wá ọ̀rọ̀ ogún ọdún nínú ìwé rí.

Yàrá fáìlì iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀. Ọdún Iléyá nìkan ni òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń wá sílé, ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú, ó kó wá sí yàrá ọkọ rẹ̀ ní Ilé Alápó. Inú páálí mílíìkì kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ló ti bá ìwé ìpàdé ẹbí, mọ́kànlá, láti ọdún 1994. Eku ti fi etí méjì nínú wọn ṣe oúnjẹ.

Ó kó wọn wọ yàrá. Ó nu eruku wọn, ó fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó kọ ọjọ́ tí ìwé bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà sí ojú-ìwé gbogbo. Lẹ́yìn náà ló ra ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan fún atọ́ka, ó pín in ní A dé Y. Orúkọ ẹni tàbí ọ̀rọ̀ tí ìpàdé dá lé ló ń kọ́kọ́ wá níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà ìwé, ojú-ìwé àti ọjọ́ ìpàdé. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Àwọn ìyàwó ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kọ Kùránì tuntun.

Ohun kan wà tó yẹ kó ṣe tí kò ṣe: bí ó ṣe bá orúkọ nínú ìwé ló ṣe kọ ọ́ sínú atọ́ka, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ Àkíbù dé. Wẹ́dà ni Àkíbù, ó ń jó irin fún géètì àti fèrèsé níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ràbíátù ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọbìnrin Ilé Alápó, ló ti kọ́kọ́ ń ta ìkòkò níbẹ̀ kó tó di olóògbé. Oyèdélé, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Àkíbù lọ́kùnrin, fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú ibẹ̀.

"Ọmọ obìnrin ni ọ́," ni Oyèdélé wí lójú ìpàdé. "Ilé bàbá rẹ wà ní Oníyanrìn. Ta ló fún ìyá rẹ níwájú ilé wa?"

"Ẹbí ni. Mo ti gbọ́njú nígbà náà."

"Ìwé dà? Ẹnu kọ́ la fi ń jẹ ilẹ̀."

Mọ́gàjì Màmúdù, olórí ilé, kò fẹ́ gbè sápá kan. Ó ní kí Àkíbù mú ẹ̀rí wá ní ìpàdé tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó irin rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni irin yẹn ń bọ́, ọmọṣẹ́ mẹ́ta sì ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Àkíbù wá bá Alhaja Hikmat ní ọjọ́ kejì. Alhaja ṣí atọ́ka sí R: kò sí Ràbíátù. Ó ṣí K, bóyá òun kọ ọ́ sábẹ́ kànga: àtúnṣe kànga àti okùn rẹ̀ nìkan ló bá. Ó ṣí I, ó wo Ìyá Àkíbù: òfo.

"Ìyá Afeez, ó ti parí nìyẹn," ni Àkíbù wí. Afeez ni àkọ́bí Alhaja Hikmat.

"Kò tíì parí. Ọkọ mi, jókòó." Ọkọ mi ló ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin tí wọ́n bí sílé kó tó wọlé. Bó sì ṣe pè é bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Ìyàwó ilé ni òun, kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ta ló ń kọ ìwé nígbà náà? Ó wo ẹ̀yìn ìwé atọ́ka, níbi tó kọ orúkọ àwọn akọ̀wé sí: láti 1999 dé 2005, Lucy ni, ìyàwó ilé bíi tirẹ̀.

"Kí ni àwọn ìyàwó ilé ń pe ìyá rẹ?"

Àkíbù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Eyínfúnjowó. Ẹ ò rántí eyín wọn ni?"

"Kàdúná ni mo wà, ta ló fẹ́ sọ fún mi?" Ó ti ń ṣí E. Ó wà níbẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀: *Eyínfúnjowó, ààyè ẹ̀gbẹ́ kànga. Ìwé Kẹrin, ojú-ìwé 58, 4 oṣù Kọkànlá 2001.*

Ó fa páálí yọ. Ìwé Kìíní kò sí. Ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje: kò sí. Ìkẹjọ dé ìkọkànlá nìkan ló kù.

Ó pe Bọ́lájí lórí fóònù. "Ṣé o rí àwọn ìwé ìpàdé àtijọ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà! Ṣé ẹ ò gbọ́? Nígbà tí ẹ lọ kí ọmọ yín ní Òkè Bọ́lá ní oṣù Keje, ìpàdé fọwọ́ sí i pé ká kó èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá dànù. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ló ṣílẹ̀kùn yàrá yín fún mi. Mo ti bá ìyá alákàrà kan sọ̀rọ̀ ní Ọjà'ba, wọ́n ní àwọn nílò bébà."

"Bọ́lájí! Wọ́n ti ń fi ojú-ìwé 58 wé àkàrà?"

"Rárá o. Ọkọ̀ Micra mi ló bàjẹ́. Àpò náà ṣì wà nínú búùtù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ọ̀rányàn."

Alhaja Hikmat kò dúró de ẹni tó máa gbé e. Òun àti Àkíbù gun ọ̀kadà méjì. Mẹkáníìkì ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó fi àpò náà ṣe ìjókòó. Nígbà tó dìde, ìwé méje ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pé. Alhaja Hikmat kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó tó mí.

Ní ọjọ́ ìpàdé, Bọ́lájí ló kà á sókè, nítorí òun ni akọ̀wé: "Ọ̀rọ̀ kẹfà. Ọ̀pẹ́léńgẹ́ dá àbá pé kí Eyínfúnjowó àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa lo ààyè ẹ̀gbẹ́ kànga fún òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Adúmáradán kín in lẹ́yìn. Gbogbo ilé gbà."

Oyèdélé bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀pẹ́léńgẹ́? Eyínfúnjowó? Ìwé àlọ́ lẹ kà sí wa létí!"

Alhaja Hikmat kò bá a jà. Ó gbé fóònù síta, ó pe Lucy, tó ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

"Àǹtí Lucy, ta ni Eyínfúnjowó tí ẹ kọ sí ìwé ní 2001?"

"Ṣé ẹlòmíràn wà ni? Bọ̀dá wẹ́dà ló ni ìyá yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ orúkọ wọn?"

"Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ni mo jẹ́, ẹ fẹ́ kí n máa pe ọmọ ọkọ mi lórúkọ lójú ìwé?"

"Ọ̀pẹ́léńgẹ́ ńkọ́?"

Lucy rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé wọ́n wà níbẹ̀? Mọ́gàjì tó wà lórí oyè báyìí ni. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n nígbà náà."

Gbogbo ojú yí sí Mọ́gàjì, tí àga rẹ̀ ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já wọ ilé. Mọ́gàjì náà rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Mo ti gbàgbé pátápátá. Ìkòkò Ràbíátù ló ń dí ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga kó lè kúrò lójú ọ̀nà mi. Èmi ni mo dá àbá yẹn!"

Alhaja Hikmat ní kí Bọ́lájí ṣí ojú-ìwé 61, ìpàdé oṣù tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n ní ó rí bẹ́ẹ̀, tí Mọ́gàjì ìgbà náà sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn máa ń rò pé ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé ló ti di ẹ̀rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìpàdé kejì kà á tó sì fọwọ́ sí i ló di ẹ̀rí. Oyèdélé wo àtàǹpàkò bàbá àgbà rẹ̀. Ó rọra ti ìwé náà padà fún Bọ́lájí.

"Àkíbù," ni Mọ́gàjì wí, "máa jó irin rẹ. Ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ." Àkíbù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó dìde, ó lọ di ọwọ́ Alhaja Hikmat mú, obìnrin náà sì ní, "Ó tó, ó tó, ọkọ mi, o ti fi èédú kùn mí lára."

Kí wọ́n tó túká, Alhaja Hikmat bèèrè àyè láti sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n má da ìwé nù rárá. Ìwé ìkésíni, ìwé tí akọ̀wé kọ́kọ́ fi ọwọ́ yára kọ kó tó tún un kọ, àti ìwé ìtọrọ àforíjì àwọn tí kò lè wá, wọ́n lè lọ nígbà tí ìpàdé bá ti fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ tó péye. Ṣùgbọ́n ìwé ìpàdé fúnra rẹ̀ kì í lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, yàrá, tàbí oyè máa wà. Ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ dà nù, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i. Bí ẹjọ́ kan bá wà lórí rẹ̀, kó dúró títí ẹjọ́ á fi tán.

"Àti pé," ni Bọ́lájí fi kún un, ojú ń tì í, "ẹ má gbé e fún alákàrà."

Ó ku orúkọ àwọn tó kù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n fi Bọ́lájí sẹ́nu iṣẹ́: kó lọ bá àwọn ìyàwó àgbà ní yàrá wọn, kó bèèrè ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìnagijẹ kọ̀ọ̀kan nínú atọ́ka gan-an. Ìyá Ìyábọ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, kọ̀ jálẹ̀.

"Kí n pe Adúmáradán lórúkọ fún ọ? Kí o wá lọ sọ ọ́ fún un?"

"Mà, ìwé ló ń bèèrè, kì í ṣe èmi."

"Ìwé kọ́ ló fẹ́ mi wọlé." Ó wo ọ̀nà ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì nawọ́ sí ọkùnrin kan tó ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́bàá kànga, níbi tí iná wẹ́dà Àkíbù ti ń ta pàràpàrà. "Ṣé o rí ẹni yẹn? Òun ni. Mi ò pè é lórúkọ o."

Bọ́lájí kọ orúkọ ọkùnrin náà sílẹ̀.