Páálí Tí Ó Gba Ojú Òkun

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi yan gàrí ní Idigny. Èéfín ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a kò sì fura, nítorí gbogbo obìnrin tó ń yan gàrí ló ń wúkọ́. Ìgbà tí kò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga mọ́ láìjókòó ni a gbé e wá sí ọ̀dọ̀ mi ní Kétu. Dókítà ní oògùn nìkan kò lè tó o. Ó nílò ẹ̀rọ kan tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, tí ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, tí ń sẹ́ èyí tó dára jù nínú rẹ̀ sí imú aláìsàn tọ̀sán-tòru.

"Bí ẹ bá tètè rí i, ìyá lè pẹ́ láyé dáadáa," ni dókítà wí. "Bí kò bá tètè dé, n kò lè ṣèlérí kankan."

Iye tí wọ́n ń ta tuntun ní Kútọnu ju agbára mi lọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ṣùgbọ́n àbúrò wa ọkùnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó nílẹ̀ Faransé. Bàbá kan kú níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ẹ̀rọ irú rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Kò ju kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó ku bí yóò ṣe dé ilé.

Nínú ẹbí wa, ohunkóhun tó bá ti ní ìṣirò nínú, èmi ni wọ́n ń dà á lé lórí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi wádìí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì kó wọn síwájú mi lórí fóònù. Bí ó bá gba òfurufú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò ti dé Kútọnu, àmọ́ kílò kílò ni wọ́n ń gbowó. Bí ó bá gba ojú òkun, inú kọ̀ǹtẹ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń kó ẹrù sí ni yóò wà. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà lórí páálí kan, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹtẹ́nà gbọ́dọ̀ kún kó tó gbéra, lẹ́yìn náà ni ìrìn àjò, lẹ́yìn náà ni àwọn dúwánì, aṣọ́bodè pọ́ọ̀tù. Oṣù méjì, bí Ọlọ́run bá ṣe é ní kíá. Ẹ̀kẹta ni ará Pobè kan tó ń wa ọkọ̀ àlòkù láti Faransé gba Mòrókò àti aṣálẹ̀ wá sílé. Mo pè é fúnra mi.

"Ìyá, n kò ní purọ́ fún yín," ni ó wí. "Ojú ọ̀nà ti bàjẹ́. Mo lè dé lọ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì lè má dé lóṣù mẹ́ta."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yọ ọ̀nà ilẹ̀ kúrò. A fẹnu kò sí òfurufú.

Owó ọwọ́ mi kò tó, nítorí náà mo bẹ ẹbí. Gbogbo wọn dá a. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dá owó páálí tó ń bọ̀ láti òkè òkun ti ní àyè nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣòfin yẹn. Páálí kì í ṣáà dé sílé láìkún. Olúkúlùkù ń sọ ohun tó ń fẹ́ fún àbúrò mi, èmi náà sì ní kó bá mi ra kúbùsù tó nípọn fún ọyẹ́. Ó wá páálí ńlá, ó gbé ẹ̀rọ sí àárín, ó sì fi ẹrù gbogbo wa yí i ká. Ó ní kò ní fọ́ mọ́ báyìí. Mo yìn ín.

Ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù òfurufú, wọ́n gbé páálí náà sórí ìwọ̀n, wọ́n sì tún fa téèpù jáde. Bí páálí bá tóbi ju bó ṣe wúwo lọ, àyè tó gbà nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbowó rẹ̀. Gígùn lọ́nà ìbú, lọ́nà gíga, wọ́n á pín in, wọ́n á sọ ọ́ di kílò. Ìwọ̀n pe ọgbọ̀n kílò, téèpù pe ohun tó lé ní ọgọ́ta, owó tí a dá kò sì ká a. Èmi tí mo kọ ìṣirò yẹn sára pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n ń gbowó lórí àyè.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá gbé ẹ̀rọ yẹn nìkan sínú páálí kékeré, owó wa tó," ni àbúrò mi wí. "Ẹrù àwọn tó kù á wà lọ́dọ̀ mi títí a ó fi rí owó mìíràn."

Ohun tó kù kò ju kí n pe àwọn ènìyàn lọ, kí n sọ fún wọn pé owó yín ń lọ, ẹrù yín ò ní bọ̀. Mo ní ìwà kan tí kò dára: n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbé fóònù, mo gbé e kalẹ̀. Dípò wọn, ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ bi léèrè. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, torí kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́.

"Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé torí tèmi ni ẹrù wọn ò fi dé," ni ó wí. Ó sinmi. "Mo ṣì ń mí." Ó tún sinmi. "Jẹ́ kó gba ojú òkun."

Mo mọ̀ pé ohun tí yóò sọ nìyẹn. Ìdí tí mo fi bi í léèrè nìyẹn, tí n kò bi àwọn yòókù. Ẹni tó bá béèrè nínú wọn, mo ní ẹrù ti wà lọ́nà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí kọ̀ǹtẹ́nà tó kún. Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè ibi tí ọkọ̀ dé. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé ó ti dé Lomé, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé kọ̀ǹtẹ́nà náà wá sí Kútọnu. "Lomé ò mà jìnnà," ni ó wí, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́. Kò jìnnà lóòótọ́. Mọ́tò tó bá jáde ní Kétu láàárọ̀ á dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo pe ọkùnrin tó ń bá wa gba ẹrù sílẹ̀ ní pọ́ọ̀tù, mo ní ṣé a kò lè lọ gbé e níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi èdìdì dí i, Kútọnu ló wà nínú ìwé rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣí odidi kọ̀ǹtẹ́nà nítorí páálí kan. Ọjọ́ kẹsàn-án tó ti wà ní Lomé ni ẹ̀gbọ́n mi kú, lọ́sàn-án, ó fara ti àyà mi. Ó jà fún èémí títí. N kò ní gbàgbé rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbàgbé.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni páálí dé. Gbogbo ẹbí pé sí yàrá mi, mo ṣí i, mo ń fún oníkálukú ní tirẹ̀. Nígbà tí a kó ẹrù tán ni a rí ẹ̀rọ náà láàárín. Kò fọ́ rárá. Àbúrò ìyá wa obìnrin, tó di bàtà tuntun rẹ̀ mú lọ́wọ́, bi mí pé ṣebí òfurufú ni a sọ. N kò lè purọ́ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Màmá náà wo bàtà ọwọ́ rẹ̀ pẹ́.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Mo rò pé inú á bí yín, mà."

"Inú ì bá kúkú bí mi," ni ó wí. "Ǹ bá bú ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ǹ bá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá fún ọmọ mi."