Adìẹ Ti Rìn Ṣáájú Mi

Orí pákó gọ́tà iwájú ilé wa n'Ígàndò ni mo ti ṣubú, tí eegun ojúgun mi kán. Baba tó ń to eegun dá ẹsẹ̀ adìẹ kan bíi tèmi, ó dì í bó ṣe di tèmi. Àṣà wọn ni pé ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn náà á rìn.

Adìẹ rìn. Èmi ò rìn. Baba tẹ ojúgun mi títí, kò dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ṣe ni ilẹ̀ ń dà bí omi lójú mi.

"Ìyàwó mi, eegun ti jiná," ni Baba wí. "Ẹ̀rù ló kù, èmi ò sì lè fi igi di ìyẹn."

Ó bu àgbàdo sí mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni n ó máa bọ́ adìẹ. Lọ́jọ́ kìíní, ìdí bẹ́ǹṣì tí mo ń jókòó lé nílé rẹ̀ ló so ó mọ́. Mo kàn di ògiri mú, mo dìde. Nígbà tó yá, ó sún un síwájú níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà sídìí máńgòrò. Bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ, mò ń retí kí eegun ró kàà. Kò ró.

Níkẹyìn, Baba gbé adìẹ wá sílé wa, ó so ó sí òdìkejì gọ́tà. Ìyá mi nawọ́ sí mi.

"Màámi, ẹ jẹ́ n dá gun pákó yìí."

Pákó náà mì, bíi ti ọjọ́sí. Mo dúró títí ó fi dákẹ́, mo tún gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, òógùn ti rin àgbàdo ọwọ́ mi gbingbin, adìẹ sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.