Ogún Nínú Ogún

Ọwọ́ mi kì í dẹ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ máàkì. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Kémta fi sọ mí di akọ̀wé. Bí ohun ayọ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ kan, igbákejì mi, ìyàwó ilé kan tó kéré sí mi dáadáa, ló ń kọ ìkíni. Èmi á wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà mẹ́rin, máàkì márùn-ún márùn-ún: ṣé ọ̀rọ̀ ẹni yìí gan-an ló sọ, ṣé ohùn rẹ̀ dára, ṣé ó mọ níwọ̀n, ṣé ó yẹ ẹni tí à ń kí?

Alhaja kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ta aṣọ l'Ówu, pé àádọ́rin ọdún. Igbákejì mi kọ ọ́ pé: “Ẹ kú oríire o, Alhaja wa. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà.” Mo fún ohùn ní márùn-ún, ìwọ̀n ní márùn-ún, yíyẹ ní mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, oókan péré. Mo ní, “Ta ni a ò lè fi èyí kí? Kí ni ìyá yìí gan-an ṣe láyé?”

Ó lọ tún un kọ, pé lẹ́yìn ikú ọkọ, àdìrẹ ni Alhaja tà tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yanjú. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n èmi aláṣejù fi báírò pupa kọ “mẹ́fẹ̀ẹ̀fà” kún un.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Ìwọ ọmọ àná lo fẹ́ kọ́ mi léèwọ̀? Mùsùlùmí ni wá o.”

Mo fún un ní ogún nínú ogún. Mo kà á lójú gbogbo ẹgbẹ́. Alhaja ń rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi iye yẹn, ó wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Oṣù náà kò tíì parí tí àkọ́bí rẹ̀ fi ṣubú níbi iṣẹ́, tí kò dìde mọ́.

Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Mò ń sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, mo máa ń gbọ́ ohùn ara mi tó ń pe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Nígbà tí mo lọ bá Alhaja kẹ́dùn, ó di ọwọ́ mi mú. “Akọ̀wé, ta ló ka àwọn ọmọ mi?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Igbákejì mi ló kọ ọ́, Alhaja.”

“Ṣé ó ti bímọ?”

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọmọbìnrin náà ti ń wá ọmọ. Mo ní, “Kò tíì bí.”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Kò lè mọ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti forí jì í.”

Mi ò tíì jẹ́ iṣẹ́ náà títí dòní.