Kòkó Tí Mo Kà Mọ́ Owó

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń ra kòkó l'Ọ́wọ̀, ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso owó lọ́dọ̀ ilé-ìwé kan ní ìlú òyìnbó. Inú lẹ́tà ni ẹ̀kọ́ ń gbà wá, inú lẹ́tà ni ìdáhùn ń gbà lọ. Iṣẹ́ kan ló kù kí wọ́n tó jẹ́ kí n jókòó ṣe ìdánwò. Mo ti kùnà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í fúnni ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ìṣirò ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta àga ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹnì kan fẹ́ fi owó sí i: kí ni kí a wí fún un? Ohun tó lè di owó láàárín ọdún kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pọ́n-ùn. Gbèsè tí wọ́n gbọ́dọ̀ san láàárín ọdún náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Méjì sí ọ̀kan. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ara ilé-iṣẹ́ náà le koko.

Àgbà akọ̀wé wa, ọmọ Ìkàrẹ́, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi nínú sítọ́ọ̀.

"Àbúrò, èló ni àga nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ yìí?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àbọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"O wá kà á mọ́ owó."

"Ṣebí ọjà ni. Ọjà ló ń di owó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ oníkòkó ni ọ́ lóòótọ́. Ìjọba wo ló máa ra àga tiwọn?"

Lọ́dọ̀ tiwa, kòkó tí wẹ̀wẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ kòkó wò, ti yẹ̀ wò, tó sì yege, kì í wá olùrà; ìjọba ti dá iye rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó kó o jáde. Mi ò tíì rí ọjà tó ń dúró de oníbàárà rí.

Ó nawọ́ sí àwọn àpò kan ní igun, èyí tó ti Arímògijà wá, tí wẹ̀wẹ́ kọ̀ nítorí pé kòkó inú wọn ti bu. "Lọ fi ìwọ̀nyẹn san owó-oṣù wa."

Mo yọ àga kúrò nínú ìṣirò. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀: ṣílè méjìlá àti sísì péré nínú ogún ṣílè tó wà nínú pọ́n-ùn gbèsè kọ̀ọ̀kan.

"Wo èyí náà," ni ó wí. Nínú pọ́n-ùn mẹ́wàá-mẹ́wàá tí wọ́n fi dá òwò náà sílẹ̀, mẹ́fà-mẹ́fà jẹ́ owó tí wọ́n yá. Mo ti yìn wọ́n fún un, pé àwọn olówó fọkàn tán wọn. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, "Bí ọjà bá kùtà, ta ló kọ́kọ́ jẹun?"

"Ẹni tó yá wọn lówó. Èlé rẹ̀ kò mọ ọdún burúkú."

"Àwọn tó ni òwò ńkọ́?"

"Wọ́n á lá àwo."

Mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní wọ́n ń jèrè, ṣílè kan lórí pọ́n-ùn ọjà kọ̀ọ̀kan kí èlé tó jáde, ṣùgbọ́n èrè inú ìwé kì í san gbèsè tó bá pé lọ́la. Kí ẹni náà dúró ná, títí àga yóò fi tà.

Nígbà tí èsì dé pé mo yege, mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kàn nawọ́ sí igun. Àwọn àpò Arímògijà ṣì wà níbẹ̀.

"Àwọn ni kó o kí."